Títo Gbólóhùn Tí A Dà Rú: Ìbéèrè Ìdánwò Kan àti Iṣẹ́ Onítàn

Ohun tí mo fẹ́ fi síwájú yín jẹ́ irú ìbéèrè kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti dáhùn rí láìbìkítà. Olùdánniwò yóò mú ìpínrọ̀ kan tí ó já gaara, yóò tú u palẹ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, yóò dà wọ́n rú, yóò sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tò wọ́n padà bí wọ́n ti wà. Èrò mi ni pé iṣẹ́ onítàn gan-an ni ó ń gbé lé ọmọ náà lọ́wọ́. Àwa náà, ẹ̀rí fífọ́ ni a ń bá nílẹ̀, àwa ni a óò sì sọ èyí tí ó ṣáájú.

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òní. Ní 1908, nínú ìdánwò làákàyè tí Binet àti Simon ṣe fún àwọn ọmọdé ní ilẹ̀ Faransé, a bá ọ̀rọ̀ tí a dà rú tí ọmọ yóò tò di gbólóhùn kan. Láti orí ọ̀rọ̀ dé orí gbólóhùn kò jìnnà. Ní ìlú Nìú Yọ́ọ̀kì, irú ìbéèrè yìí wà nínú ìdánwò àṣàyàn sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò ní 2017. Gbólóhùn 6 ni wọn ń fún ọmọ, wọn a sọ èyí àkọ́kọ́ fún un, òun a sì to 5 ìyókù. Ọ̀nà tí a lè gbà to nǹkan 5 jẹ́ 120. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn ni wọ́n ń fún ní máàkì.

Ẹ jẹ́ kí á wo àpẹẹrẹ kan tí mo fi ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣe. Gbólóhùn tí ó ṣíwájú nìyí: «Ní 1821, àwọn jagunjagun kó ìlú Òṣogùn, wọ́n sì mú ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú.» Àwọn tí a dà rú nìwọ̀nyí:

A. Ibẹ̀ ni ó ti kàwé, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti rì í bọmi, tí wọ́n sọ ọ́ ní Samuel Crowther.
B. Ibẹ̀ ni òun àti ìyá rẹ̀ ti tún fojú kan ara wọn, lẹ́yìn ọdún 25 tí wọ́n ti pínyà.
D. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi àwọn Pọtogí.
E. Nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn ìrìbọmi yìí, ó padà sí ilẹ̀ Yorùbá gẹ́gẹ́ bí àlùfáà, ó sì dé Abẹ́òkúta.
Ẹ. Ọkọ̀ náà kò tíì rìn jìnnà tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì fi gbà á, tí wọ́n sì kó àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Sàró.

Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí A, kí ó máa dán ọgọ́fà ètò wò. Àwọn gbólóhùn tí ó so pọ̀ tipátipá ni yóò kọ́kọ́ wá. «Ọkọ̀ náà» nínú Ẹ ń béèrè ọkọ̀ tí a ti dárúkọ; inú D ni ó wà. Nítorí náà, D àti Ẹ di ọ̀kan. «Ìrìbọmi yìí» nínú E ń béèrè ìrìbọmi. Inú A ni a ti bá a. A àti E náà di ọ̀kan. Ìṣòro kù síbì kan: A àti B ni wọ́n jọ fi «ibẹ̀» bẹ̀rẹ̀. Ibo ni ibẹ̀? Sàró ń bẹ níparí Ẹ, Abẹ́òkúta ń bẹ níparí E. Ọdún 25 ni yóò là wá níjà. Bí a bá rò ó mọ́ 1821, 1846 ni a óò bá, èyí tí í ṣe ọdún tí Crowther dé Abẹ́òkúta ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mọ 1846 kò sọnù: bí B bá tẹ̀ lé Ẹ, Sàró ni ìyá yóò ti bá ọmọ, ìrìbọmi àti ogún ọdún tí ó tẹ̀ lé e kò sì ní rí àyè nínú ọdún 25 mọ́. Ìdáhùn ni D, Ẹ, A, E, B.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé n kò gbára lé arọ́pò orúkọ púpọ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀tọ̀ fún ọkùnrin, ọ̀tọ̀ fún obìnrin, ọ̀tọ̀ fún nǹkan. «Ó» tiwa ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá túmọ̀ ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá láìtún un ṣe lè ti já okùn tí ó so ó pọ̀ láìmọ̀. Okùn tiwa wà nínú «kan» tí ó ń mú àlejò wọlé, nínú «náà», «yìí» àti «ọ̀hún» tí ó ń tọ́ka sí ẹni àtijọ́, àti nínú «ni» tí ó ń gbé ohun tí a ti mọ̀ síwájú.

Nígbà míràn, olùdánniwò fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣìnà. Bí mo bá fi gbólóhùn méjì kún èyí, pé ní 1843 ni wọ́n fi Crowther jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀n, àti pé ní 1843 ni wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde ní Lọ́ńdọ̀n, èwo ni yóò ṣáájú? Èyíkéyìí. Kò sí okùn láàrin wọn. Ọmọ tí ó kọ ìkejì ṣáájú kò jẹ̀bi, síbẹ̀ òdo ni yóò gbà. Àyẹ̀wò tí mo máa ń ṣe ni pé kí n fún ẹlẹgbẹ́ mẹ́ta ní ìbéèrè náà láìfi ìdáhùn hàn wọ́n. Bí ìdáhùn wọn bá yàtọ̀ síra, tí oníkálukú sì lè gbè é lẹ́sẹ̀, ìbéèrè ni ó ní àrùn.

Àrùn kejì ṣòroó rí. Ètò ìṣẹ̀lẹ̀ kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ètò ìsọ̀tàn. Òǹkọ̀wé kan lè ti orí ìpàdé ìyá àti ọmọ ní 1846 bẹ̀rẹ̀, kí ó tó padà sórí 1821. Ọmọ tí ń fi ọdún to gbólóhùn yóò tú irú ìpínrọ̀ bẹ́ẹ̀ ká. Olùdánniwò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní kedere bóyá ìṣẹ̀lẹ̀ ni ó fẹ́ kí á tò, tàbí ọ̀rọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ máàkì. Ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ B, D, Ẹ, A, E. Bí a bá ń ka ipò, kò sí gbólóhùn kan tí ó wà ní ipò rẹ̀, òdo ni. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé Ẹ ń tẹ̀ lé D, pé A ń tẹ̀ lé Ẹ, pé E ń tẹ̀ lé A. Ìsopọ̀ 5 ni ó wà bí a bá ka ti gbólóhùn àkọ́kọ́ mọ́ ọn. 3 ni ó gbà. Ìwọ̀n ìsopọ̀ yìí ni ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì ti ilé-iṣẹ́ Pearson, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2009, ń lò: máàkì kan fún gbólóhùn méjì kọ̀ọ̀kan tí ó bá tẹ̀ léra bí ó ti yẹ. Èmi fara mọ́ èyí, nítorí pé àṣìṣe ọmọ náà kò ju ẹyọ kan lọ: ó ka «ibẹ̀» inú B sí Òṣogùn.