Ìwé Ìdáhùn sí Olùyẹ̀wò

Èyí ni ìwé tí òǹkọ̀wé máa ń fi ránṣẹ́ sí olóòtú jọ́nà pẹ̀lú iṣẹ́ tó ti tún ṣe. Òǹkọ̀wé á da ọ̀rọ̀ olùyẹ̀wò kọ bó ṣe wà gan-an, á sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Bí gbólóhùn kan bá gbé ìbéèrè méjì dání, á pín in, nítorí ibẹ̀ ni ìdáhùn sábà máa ń fò.

Ká ní olùkọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kọ iṣẹ́ lórí Erédò Súngbọ́, yàrà òun odi àtijọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ kẹta, olùyẹ̀wò kejì bèèrè pé: “Níbo lẹ ti wọn gíga odi náà, kí lẹ sì fi wọ̀n ọ́n?” Á di 2.3a àti 2.3b. “A ti tún un ṣe” kò tó. Èsì 2.3a ni: “Láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi, ẹ wo ojú ìwé 6, ìlà 112.” Ti 2.3b ni: “Téépù ni a fi wọ̀n ọ́n, ìlà 115.” Ibi tí òǹkọ̀wé kò bá ti gbà, á fi ẹ̀rí sọ ìdí rẹ̀. Àtúnṣe máa ń yí nọ́ńbà ìlà padà, nítorí náà ìgbẹ̀yìn ni à ń kọ wọ́n sínú ìwé ìdáhùn.