Ìdẹ Inú Ìbéèrè Kẹ́mísírì: Ìtàn Omi Tó Ń Hó

Bí omi bá ti ń hó lórí iná fún ìṣẹ́jú 30, kí ló wà nínú ìhó róbótó-róbótó tó ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ ìkòkò? Ìbéèrè kékeré yìí ní ìtàn. Tí a bá tọ ipasẹ̀ rẹ̀, a ó rí bí ìdáhùn tí kò tọ̀nà ṣe di irinṣẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ kẹ́mísírì.

Ìbéèrè A, B, C, D ti wà tipẹ́. Frederick Kelly ti lo irú rẹ̀ láti fi dán ìwé kíkà àwọn ọmọ ilé-ìwé wò ní Kansas, Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1915. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, olùdánwò a kàn jókòó sídìí tábìlì, a kọ ìdáhùn tó tọ̀nà, a sì ronú kan mẹ́ta mìíràn láti fi kún àyè. Ìdẹ bẹ́ẹ̀ kì í mú ẹja. Bí a bá ní wúrà ló wà nínú ìhó omi, ta ni yóò mú un? Ọmọ tí kò mọ nǹkan kan yóò fo èyí dá, a kò sì ní mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Ní 1971, Pinchas Tamir, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ní Ísírẹ́lì, dá ọgbọ́n mìíràn. Ó ní kí á kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè láìfún wọn ní A tàbí B, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn dáhùn. Àṣìṣe tó bá wọ́pọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ ni kí á wá sọ di ìdẹ.

Ibí ni omi wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ní 1983, Roger Osborne àti Mark Cosgrove ní Nusilandi tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n se omi lójú àwọn ọmọ, wọ́n sì bi wọ́n ní ohun tó wà nínú ìhó náà. Ìdáhùn mẹ́rin ló ń jẹ yọ: ooru iná, afẹ́fẹ́ lásán, ọ́síjìn pẹ̀lú haidirójìn, àti omi tó ti di oru.

Ìkẹrin ló tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí mẹ́ta yòókù ń sọ fún wa. Ẹni tó mú ooru gbà pé ooru jẹ́ ohun tó ní ara, tó lè gba àyè. Ẹni tó mú afẹ́fẹ́ kò tíì gbà pé omi fúnra rẹ̀ lè di ohun tí ojú kò rí. Ẹni tó mú ọ́síjìn pẹ̀lú haidirójìn ló yẹ kó ká olùkọ́ lára jù, nítorí inú kíláàsì gan-an ló ti mú un. Ó ti kọ́ pé omi ni H₂O, ó wá rò pé iná lásán ló ń tú mọ́líkù rẹ̀ palẹ̀. Ọmọ mẹ́ta pàdánù máàkì kan náà, ṣùgbọ́n àìsàn wọn kò jọra, oògùn wọn kò sì lè jẹ́ ọ̀kan.

Ní 2002, Douglas Mulford àti William Robinson ní Amẹ́ríkà fi ìbéèrè ìhó yìí sínú ìdánwò oníbéèrè 22 tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ kẹ́mísírì ní yunifásítì. Wọ́n fi kún un pé omi náà ti hó fún ìṣẹ́jú 30. Iṣẹ́ ńlá ni gbólóhùn yẹn ń ṣe. Nígbà tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná, ìhó kéékèèké tó ń yọ lára ìkòkò jẹ́ afẹ́fẹ́ tó ti yòrò sínú omi lóòótọ́. Láìsí ìṣẹ́jú 30 yẹn, ọmọ tó mọ̀ jù yóò mú "afẹ́fẹ́", a ó sì fún un ní òdo.

Síbẹ̀, ẹni tó mú ìdáhùn tó tọ̀nà lè ṣèèṣì bá a. Nínú ìdáhùn márùn-ún, ẹni tó dijú mú ọ̀kan lè bá a lẹ́ẹ̀kan nínú 5. David Treagust ní Ọsirélíà ṣàlàyé ní 1988 bí a ṣe lè so ìpele kejì mọ́ irú ìbéèrè báyìí: "Kí nìdí tí o fi mú èyí?" Àwọn ìdí náà, ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ ni a ti ń kó wọn jọ. Bí ìdí bá jẹ́ mẹ́rin, tí a sì ní kí ìdáhùn àti ìdí jọ tọ̀nà, ẹni tó ń dijú mú yóò bá a lẹ́ẹ̀kan péré nínú 20.

Ẹ jẹ́ ká wá gbìyànjú láti gbé ìbéèrè ìhó sí èdè Yorùbá. Lójú ẹsẹ̀ ni ìṣòro dé. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa, "ooru" ni ìgbóná, òun náà sì ni ohun tó ń bù wá lójú tí a bá ṣí ìkòkò. "Afẹ́fẹ́" ni èyí tó ń fẹ́ níta, òun náà ni a sì ń pe gáàsì èyíkéyìí. Ọmọ tó mú "ooru" lè mọ kẹ́mísírì dáadáa, kó sì gba òdo nítorí ọ̀rọ̀ lásán. Nítorí náà, a ó ní láti kọ ọ́ gbọọrọ pé: "omi náà ni, tó ti di gáàsì." Ìdẹ tí a bá sì fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a kò lè yá a láti Nusilandi. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tó ń fi Yorùbá ronú ni a ó ti lọ gbọ́ ọ.