Àkàbà Olóhùn Márùn-ún Nínú Orin Ìbílẹ̀

Àkàbà olóhùn márùn-ún ni ìtò ìró orin tí ó jẹ́ pé, bí olórin ti ń gòkè láti orí ‘dò’ títí yóò fi kan ‘dò’ mìíràn lókè, ìró márùn-ún ni yóò lò dípò méje. Nínú sọ́fà tí àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀, àwọn ìró náà ni ‘dò’, ‘re’, ‘mi’, ‘so’ àti ‘la’, èyí tí ó fi hàn pé ‘fa’ àti ‘ti’ kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ó bá sì tẹ kìkì bọ́tìnnì dúdú orí dùùrù yóò gbọ́ àkàbà yìí kan náà. Orin ìbílẹ̀ Ṣáínà, Skọ́tíláńdì àti Họ́ńgárì kún fún un, bẹ́ẹ̀ náà ni orin Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí T. K. Ekundayo Phillips, tí ó darí orin ní Kàtídírà ìjọ Áńgílíkà ní Marina, Èkó, ti ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1953. Nígbà tí ibi tí a ti ń gbọ́ ọ jìnnà síra tó báyìí, inú ìró fúnra rẹ̀ àti ọ̀fun ẹni tí ń kọrin ni ó yẹ kí a ti wá ìdí rẹ̀.

Bí a bá dá okùn tí ó le dáadáa sí méjì ọgbọọgba, ìdajì rẹ̀ yóò dún bí ìró kan náà tí ó ga sí i, bí ó ti ń rí nígbà tí ọkùnrin àti obìnrin bá jùmọ̀ ń kọ orin kan. Lẹ́yìn èyí, ìró tí ó tún bá ti àkọ́kọ́ mu jù ni ti okùn tí a yọ ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ kúrò, èyí tí í ṣe ‘so’ bí a bá pe ti àkọ́kọ́ ní ‘dò’. Sima Qian, òpìtàn ilẹ̀ Ṣáínà tí ó gbé ayé ní nǹkan bí 100 ọdún ṣáájú ìbí Kristi, ṣe àkọsílẹ̀ bí a ṣe ń ti ibẹ̀ rí àwọn ìró tí ó kù. Kí a sọ pé okùn ‘dò’ gùn ní ìwọ̀n 81. Bí a bá yọ ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, yóò ku 54, tí í ṣe ‘so’. Bí a bá fi ìdá kan nínú mẹ́ta 54 kún un, yóò di 72, tí í ṣe ‘re’. A ó tún yọ, yóò ku 48, tí í ṣe ‘la’. A ó tún fi kún un, yóò di 64, tí í ṣe ‘mi’. Ìṣirò náà kò lè lọ jù bẹ́ẹ̀ láìní ìdá, nítorí 64 kò ṣeé pín sí mẹ́ta geere. Bí a bá fi agídí yọ ọ́, yóò ku 42 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta, tí í ṣe ‘ti’, ìró tí ó sún mọ́ ‘dò’ òkè pẹ́kípẹ́kí, nítorí 40 àti ààbọ̀ ni okùn ti ‘dò’ yẹn. Kò dájú pé olórin kankan fi òǹkà bẹ̀rẹ̀. Etí ló ṣáájú, àwọn onímọ̀ ló wá fi ìṣirò tẹ̀ lé e.

Àlàfo tóóró tó wà láàárín ‘ti’ àti ‘dò’ yìí, tí irú rẹ̀ tún wà láàárín ‘mi’ àti ‘fa’, ni a lè pè ní ààbọ̀ ìṣísẹ̀, àìsí rẹ̀ ni ó sì mú kí àkàbà olóhùn márùn-ún rọrùn láti kọ. Nínú àkàbà yìí, àlàfo tí ó kéré jù jẹ́ odidi ìṣísẹ̀ kan, nítorí náà ẹni tí ohùn rẹ̀ yẹ̀ díẹ̀ kò ní já lu ìró mìíràn. Bákan náà, kò sí méjì nínú àwọn ìró márùn-ún náà tí ń bára wọn jà burúkú, débi pé bí àwọn elégbè bá tètè wọlé kí ẹni tí ń lé orin tó parí, orin kò ní bàjẹ́. Ìdí nìyí tí Zoltán Kodály ti ilẹ̀ Họ́ńgárì fi gbà pé àkàbà yìí ni ó yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ orin fún ọmọdé, tí Carl Orff ará Jámánì náà sì ń yọ pákó ‘fa’ àti ‘ti’ kúrò lára sáílófóònù àwọn ọmọ. Ní Niu Yọ́ọ̀kì ní ọdún 2009, akọrin Bobby McFerrin fi fífò láti ojú kan sí òmíràn lórí ìtàgé kọ́ àwọn òǹwòran ní ìró díẹ̀. Nígbà tí ó fò sí ojú tí kò tíì kọ́ wọn, gbogbo wọn fi ẹnu kan kọ ìró tí ó kàn nínú àkàbà náà.

Síbẹ̀, kí a má ṣe sọ ọ́ di òfin. Sílẹ́ńdírò tí àwọn ará Jáfà ń lò nínú gámẹ́láànì, ìyẹn ẹgbẹ́ agogo àti pákó onírin wọn, jẹ́ olóhùn márùn-ún, ṣùgbọ́n àlàfo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kò sì bá ìṣirò Sima Qian mu. Àlàyé okùn kò kàn án, ti ààbọ̀ ìṣísẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ ni ó ṣì bá a mu. Ní Jàpáánù ẹ̀wẹ̀, àkàbà olóhùn márùn-ún kan wà tí ó gbajúmọ̀ nínú orin kótò, ìyẹn ohun èlò olókùn wọn, tí ààbọ̀ ìṣísẹ̀ méjì sì wà nínú rẹ̀, àwọn tí ó bá a dàgbà sì ń kọ ọ́ láìsí ìnira.