Ọmọ màlúù 12 tí kò rí wàrà àkọ́kọ́ mu: ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1922 àti ohun tó kàn wá níbẹ̀ ní Ìgbógìlà

Láti Ìgbógìlà títí dé Ayétòrò, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo máa ń gbọ́: "Ọ̀gá, màlúù yìí bímọ dáadáa, ọmọ náà dìde, àmọ́ nígbà tó pé ọjọ́ mẹ́ta ó bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru, ó sì kú." Àwọn kan ní ojú ayé ni, àwọn kan ní oyé ló mú un. Ìtàn kan wà tó fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí hàn, ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, onímọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Theobald Smith. Òun àti Kilborne ni wọ́n jọ fi hàn lọ́dún 1893 pé eégbọn ló ń gbé ibà kan tó ń pa màlúù kiri. Nígbà tó dàgbà, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Rockefeller ní ìlú Princeton. Ibẹ̀ ni òun àti dókítà ẹran kan, Ralph Little, ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ìdí tí ọmọ màlúù fi ń kú ní kékeré.

Ohun tí wọ́n ṣe kò le rárá. Wọ́n mú ọmọ màlúù 12, wọn ò jẹ́ kí wọ́n mu wàrà àkọ́kọ́ ìyá wọn, ìyẹn wàrà tó ki, tó pọ́n bí epo díẹ̀, tó máa ń jáde bí màlúù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Wàrà lásán ni wọ́n fún wọn. Wọ́n wá mú ọmọ màlúù 10 mìíràn, wọ́n jẹ́ kí àwọn yẹn mu wàrà àkọ́kọ́ náà. Mẹ́sàn-án kú nínú àwọn 12. Nínú àwọn 10, ẹyọ kan ò kú. Ọdún 1922 ni wọ́n gbé èsì náà jáde.

Nígbà tí wọ́n la òkú àwọn tó kú, kòkòrò inú ìgbẹ́ ni wọ́n rí nínú ara wọn, èyí tó wà nínú ilé ẹran gbogbo, tí kì í ṣe màlúù ńlá ní nǹkan kan. Ìyẹn ni Smith fi sọ pé ààbò ni iṣẹ́ wàrà àkọ́kọ́: ó ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ kòkòrò yẹpẹrẹ títí ara òun fúnra rẹ̀ yóò fi lè jà.

Ẹ lè bi mí pé, ṣé ọmọ kì í gba ààbò láti inú ikùn ìyá rẹ̀ ni? Ọmọ ènìyàn máa ń gbà á. Ibi ọmọ tiwa ń jẹ́ kí àwọn ọmọ-ogun inú ẹ̀jẹ̀ ìyá kọjá sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ kí a tó bí i. Ti màlúù nípọn, kì í jẹ́ kí wọ́n kọjá. Nítorí náà ọmọ màlúù ń wáyé láìní ọmọ-ogun kankan. Inú ọmú ni ìyá ń kó wọn jọ sí ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó tó bímọ, inú wàrà àkọ́kọ́ nìkan sì ni ọmọ ti lè rí wọn.

Ibí ni wákàtí ti ṣe pàtàkì. Ìfun ọmọ tuntun dà bí ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí: ọmọ-ogun inú wàrà lè kọjá lódidi sínú ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ ilẹ̀kùn náà ń tì díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Wákàtí mẹ́fà àkọ́kọ́ ló dára jù. Bó bá di wákàtí méjìlá, ohun tó ń kọjá ti dín gan-an. Bó bá fi máa pé wákàtí 24, ó ti tì. Lẹ́yìn ìyẹn, kódà bí ẹ fún un ní garawa kan, kò ní wọ ẹ̀jẹ̀ mọ́, àyàfi kó ran inú ìfun lọ́wọ́ díẹ̀. Búburú rẹ̀ ni pé kòkòrò náà ń gba ẹnu kan náà wọlé. Bí ọmọ bá kọ́kọ́ lá ìgbẹ́ tàbí ọmú ẹlẹ́gbin kó tó mu wàrà, ọ̀tá ti ṣáájú ọmọ-ogun dé.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀ràn kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní abo màlúù funfun, irú tàwọn Fúlàní, bímọ ní aago méjì òru, àkọ́bí rẹ̀ sì ni. Ọmọ náà wọn nǹkan bí 20 kílò. Títí aago mẹ́rin, ó yẹ kó ti dìde, kó sì máa wá ọmú. Ìyá ń ta á nípàá, torí ọmú ń dùn ún. Bó bá di aago mẹ́fà tí kò tíì mu, ẹ má dúró mọ́. Ẹ so ìyá náà, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ọmú rẹ̀, ẹ fún orí ọmú kọ̀ọ̀kan nù kí ohun tó dí i lè jáde. Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú láti gbé ọmọ náà sí ọmú. Bó bá kọ̀, ẹ fún wàrà sínú ike mímọ́.

Ìwọ̀n tó yẹ ni ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara rẹ̀. Fún ọmọ 20 kílò, lítà méjì nìyẹn, ìgò ike mínírà 50 sẹ́ńtílítà mẹ́rin. Ẹ fi fídà fún un, kí ẹ jẹ́ kó fa á fúnra rẹ̀, kó má baà wọ ẹ̀dọ̀fóró. Bí kò lè mu ún tán lẹ́ẹ̀kan, ẹ fún un ní ìgò méjì, kí ẹ sì parí ìyókù kó tó di aago mẹ́jọ. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹ tún fún un ní lítà kan sí i.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé wàrà àkọ́kọ́ gidi ni? Ó ki, ó sì pọ́n. Àwọn ìyá tó ń ṣe wàrà ní gáà mọ̀ ọ́n: bí wọ́n bá gbé e kaná, ó ń dì fúnra rẹ̀ láìfi bómubómu sí i. Èyí tó ṣàn bí omi kò lágbára tó. Ìfúnwàrà kejì ti rẹlẹ̀ sí àkọ́kọ́, torí náà àkọ́kọ́ pátápátá ni kí ẹ fi pamọ́. Bí abo tó ti bímọ rí bá ní púpọ̀ ju ti ọmọ rẹ̀ lọ, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò mímọ́, kó dì nínú fíríìsà fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fi yọ́ ọ, ẹ má gbé e kaná, torí iná gbígbóná ń ba àwọn ọmọ-ogun náà jẹ́.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ọ̀kan kàn yín. Ọmọ-ogun inú wàrà máa ń bá kòkòrò ibi tí ìyá ti gbé jà. Bí ẹ bá gbé abo olóyún wá láti òkè ọya, tó sì bímọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wàrà rẹ̀ kò mọ kòkòrò Yewa. Ó kéré tán, ẹ jẹ́ kó lo oṣù méjì nínú ọgbà yín kó tó bímọ. Bó bá ti bímọ kó tó pé, wàrà abo tó ti pẹ́ nílẹ̀ ló dára kí ẹ fi kún ti ìyá rẹ̀.

Bí ẹ bá rí ọmọ tó ti kọjá wákàtí 24 láìmu, tójú rẹ̀ wọ inú, tí oríkèé ẹsẹ̀ tàbí ìdodo rẹ̀ wú, ẹ pe dókítà ẹran lọ́jọ́ náà. Omi ara tó ń jáde nínú ìgbẹ́ gbuuru ló ń tètè pa á, nítorí náà ẹ má fi dúró de ọjọ́ ọjà.