Iná ara amino ásíìdì àti ojú ìdọ́gba rẹ̀

Amino ásíìdì ni àwọn mọ́líkù kéékèèké tí a so pọ̀ di purotéènì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní, ó kéré tán, ìdì méjì tí ó lè gba púrótọ́ọ̀nù (H⁺) tàbí kí ó jọ̀wọ́ rẹ̀: COOH ní apá kan, NH₂ ní apá kejì. Bí COOH bá jọ̀wọ́ púrótọ́ọ̀nù, ó di COO⁻, iná ìyọkúrò kan sì wà lára rẹ̀. Bí NH₂ bá gba púrótọ́ọ̀nù, ó di NH₃⁺, ó sì ní iná ìròpọ̀ kan. Iná ara amino ásíìdì ni ohun tí ó ṣẹ́ kù nígbà tí a bá ro gbogbo iná wọ̀nyí pọ̀.

Ohun méjì ló ń pinnu rẹ̀. Ọ̀kan ni pH, tí ó ń sọ bí púrótọ́ọ̀nù ṣe pọ̀ tó nínú omi tí mọ́líkù náà wà: bí pH bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni púrótọ́ọ̀nù ń pọ̀ sí i, tí omi náà sì ń kan sí i. Èkejì ni pKa. Ti ìdì kọ̀ọ̀kan ni pKa. Ó ń sọ bí ìdì náà ṣe di púrótọ́ọ̀nù rẹ̀ mú tó. Gbólóhùn ìṣírò kan ló so méjèèjì pọ̀, èyí tí a mọ̀ mọ́ orúkọ Henderson àti Hasselbalch:

pH = pKa + log([A⁻]/[HA])

HA ni ìdì tí púrótọ́ọ̀nù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, A⁻ ni èyí tí ó ti jọ̀wọ́ tirẹ̀. Nígbà tí pH bá bá pKa dọ́gba, ìdajì ti jọ̀wọ́, ìdajì kò tíì jọ̀wọ́. Bí pH bá fi 1 ga ju pKa lọ, nǹkan bí 91 nínú 100 ti jọ̀wọ́. Bó bá fi 2 ga jù ú lọ, ó di 99. Ẹni tó bá mọ èyí dáadáa kò ní máa ronú pé ṣe ni ìdì kan ń ṣí tàbí ń tì lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń yí padà.

Gílísíìnì ni ó rọrùn jù lọ láti fi wò ó. pKa COOH rẹ̀ jẹ́ 2.34, ti NH₃⁺ rẹ̀ jẹ́ 9.60. Nínú omi tí pH rẹ̀ jẹ́ 1, àwọn ìdì méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ di púrótọ́ọ̀nù wọn mú pátápátá, nítorí náà iná ara rẹ̀ súnmọ́ +1. Ní pH 12, méjèèjì ti jọ̀wọ́, ó sì súnmọ́ −1. Láàárín méjèèjì, COO⁻ àti NH₃⁺ jọ wà lára mọ́líkù kan ṣoṣo, wọ́n sì pa ara wọn rẹ́. pH tí àròpọ̀ iná náà ti jẹ́ òdo gan-an ni à ń pè ní ojú ìdọ́gba iná, tí a ń kọ ní pI. Ti gílísíìnì jẹ́ (2.34 + 9.60) ÷ 2, ìyẹn 5.97.

Ó yẹ kí a mọ ìdí tí a fi ń pín in sí méjì. Ní pH 5.97, nǹkan bí mọ́líkù kan nínú 4,300 ni COOH rẹ̀ kò tíì jọ̀wọ́ púrótọ́ọ̀nù, tí ó sì ní iná +1. Iye kan náà ni NH₃⁺ rẹ̀ ti jọ̀wọ́, tí ó sì ní −1. Àárín gbùngbùn pKa méjèèjì nìkan ni iye àwọn oníná ìròpọ̀ àti ti oníná ìyọkúrò ti lè bá ara wọn mu. Òdo tí à ń sọ yìí, ti gbogbo agbo ni. Àwọn díẹ̀ nínú wọn ṣì gbé iná dání.

Ìṣírò náà máa ń dàrú nígbà tí amino ásíìdì bá ní ìdì kẹta. Ẹ wo gulutámíìkì ásíìdì, èyí tí iyọ̀ rẹ̀ jẹ́ ajínómótó tí à ń fi sínú ọbẹ̀. pKa mẹ́ta ló ní: 2.19 fún COOH àkọ́kọ́, 4.25 fún COOH ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, 9.67 fún NH₃⁺. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọ́n á pín in sí mẹ́ta, wọ́n á sì kọ 5.37. Ọ̀nà tí a fi lè mọ̀ pé kò tọ̀nà ni pé kí a ka iná náà ní pH ọ̀hún. Ní 5.37, COOH àkọ́kọ́ ti jọ̀wọ́ tán, iná rẹ̀ jẹ́ −1. Ti ẹ̀gbẹ́ ti jọ̀wọ́ ní ìdá 93 nínú 100, ìyẹn −0.93, NH₃⁺ ṣì mú +1 dání. Àròpọ̀ wọn jẹ́ −0.93, ó sì jìnnà sí òdo.

Ohun tó yẹ ni pé kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí omi ti kan jù, kí a máa gba púrótọ́ọ̀nù kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Iná mọ́líkù náà á bẹ̀rẹ̀ láti +1, lẹ́yìn 2.19 ó di 0; lẹ́yìn 4.25 ó di −1, lẹ́yìn 9.67 ó di −2. Àárín 2.19 àti 4.25 ni òdo wà, nítorí náà àwọn méjì yẹn nìkan ni a óò lò: pI rẹ̀ jẹ́ 3.22. Ní ibẹ̀, COOH àkọ́kọ́ jẹ́ −0.915, ti ẹ̀gbẹ́ jẹ́ −0.085, NH₃⁺ sì jẹ́ +1. Ó bọ́ sí òdo.

Nínú purotéènì, COOH àti NH₂ tí a fi so amino ásíìdì mọ́ra ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ìdì ẹ̀gbẹ́ ló kù, pẹ̀lú orí àti ìdí ìso náà. Ìdánwò jẹ́nótáìpù, tí ọ̀pọ̀ ń ṣe kí wọ́n tó fẹ́ra, ni ibi tí èyí ti hàn kedere. Lára himoglóbíìnì A, gulutámíìkì ásíìdì ló wà ní ipò kẹfà lórí ìso bẹ́tà. Lára ti S, tí ó ń fa àìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde, fálíìnì ló gba ipò yẹn. Ìdì ẹ̀gbẹ́ fálíìnì kò ní púrótọ́ọ̀nù tí yóò jọ̀wọ́, nítorí náà kò ní iná. Nítorí pé ìso bẹ́tà méjì ló wà nínú himoglóbíìnì kan, iná ìyọkúrò méjì ni S fi dín sí A, pI rẹ̀ sì fi nǹkan bí 0.2 ga ju ti A lọ. Lára C, láísíìnì oníná ìròpọ̀ ló wà níbẹ̀, àròpọ̀ iná ìyọkúrò C sì fi mẹ́rin dín sí ti A. Ọdún 1949 ni Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìyàtọ̀ iná A àti S hàn. Nígbà tó yá, Vernon Ingram tọ́ka sí amino ásíìdì tó fà á.

Ní ilé àyẹ̀wò, a óò fi ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sórí abala ásétéètì tí a rẹ sínú búfà tí pH rẹ̀ jẹ́ 8.6, a óò sì gba iná mànàmáná kọjá lára rẹ̀. pI àwọn himoglóbíìnì wọ̀nyí súnmọ́ 7, nítorí náà iná ìyọkúrò ni gbogbo wọn ní ní 8.6, wọ́n sì ń lọ síhà òpó ìròpọ̀. A ló máa ń ṣíwájú, S tẹ̀ lé e, C wà lẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ AS á fi ìlà méjì hàn. Bí búfà náà bá ti bàjẹ́, tí pH rẹ̀ sì sún mọ́ 7, iná ara wọn á dín kù, àwọn ìlà á lọ́ra, wọ́n á sì fara kanra.

Himoglóbíìnì D nìkan kì í fa àìsàn tí S ń fa, ṣùgbọ́n iná ara rẹ̀ ní 8.6 bá ti S dọ́gba, ibì kan náà sì ni wọ́n máa ń dúró sí. Ìdí nìyí tí a fi máa ń tún ìdánwò náà ṣe lórí ágà sítíréètì ní nǹkan bí pH 6.2. Níbẹ̀, bí himoglóbíìnì ṣe ń lẹ̀ mọ́ ágà náà ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú iná ara rẹ̀. D á bá A lọ, S á sì dúró lọ́tọ̀.