Owó Tòmátì Kò Lè Padà Sí 20,000

Ìdáhùn kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ, tó máa ń tan olùkọ́ ọrọ̀-ajé jẹ: "Ìpèsè dínkù, owó ọjà lọ sókè. Owó lọ sókè, ìbéèrè dínkù. Ìbéèrè dínkù, owó bá padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀." Ó dùn-ún gbọ́, àfi pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, gbólóhùn kejì ló sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ẹ fi tòmátì wò ó. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, kòkòrò tí wọ́n sọ ní Ẹ̀bólà tòmátì ya bo oko ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, débi tí ìjọba ibẹ̀ fi kéde ọ̀ràn pàjáwìrì. Èmi ni mo ṣètò òǹkà ìsàlẹ̀ yìí kí ìṣirò lè rọrùn. P ni owó apẹ̀rẹ̀ kan, ní ẹgbẹ̀rún náírà.

```
Ìbéèrè: 120 − 2P
Ìpèsè tẹ́lẹ̀: 4P
Ìpèsè lẹ́yìn kòkòrò: 4P − 30
```

Tẹ́lẹ̀, apẹ̀rẹ̀ 80 ni wọ́n ń tà ní 20,000 náírà. Lẹ́yìn kòkòrò, ní owó kan náà, 80 làwọn oníbàárà ṣì ń wá, ṣùgbọ́n 50 péré ló wà nílẹ̀. Àwọn tí kò rí rà ló ń fowó lé owó. Bó ṣe ń gòkè, àwọn kan á yà sí tòmátì inú agolo, àwọn tí oko wọn bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò á sì máa kó tiwọn wá. Ní 25,000, iye tí wọ́n fẹ́ rà ti wálẹ̀ sí 70, iye tó wà nílẹ̀ ti gòkè sí 70. Ibẹ̀ ni owó dúró.

Apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá tó dínkù yẹn ni akẹ́kọ̀ọ́ pè ní "ìbéèrè dínkù". Bẹ́ẹ̀ ìlà ìbéèrè ò sún rárá, 120 − 2P náà ló ṣì jẹ́. Àwọn oníbàárà kàn rìn gòkè lórí rẹ̀ ni. A ti ka ìdínkù náà mọ́ 25,000. Òun ni kò jẹ́ kí owó gòkè ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì lè tún ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì láti fà á wálẹ̀.

Ọ̀nà tí mo fi ń yẹ ìdáhùn báyìí wò ni pé mo máa ń fi owó tó parí sí sínú ìlà ìbéèrè àti ìlà ìpèsè tuntun. Ẹ fi 20 sí i: apẹ̀rẹ̀ 30 ni ìpèsè ṣì fi dín sí ìbéèrè. Ẹ fi 30 sí i: 60 ni wọ́n ń wá, 90 ló wà nílẹ̀, tòmátì á máa jẹrà mọ́ oníṣòwò lọ́wọ́. 25 nìkan ló dúró.

Bí ìlà ìbéèrè bá sún lóòótọ́ ńkọ́? Ààwẹ̀ Ràmàdáánì bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún náà. Ká ní ó sọ ìbéèrè di 132 − 2P, owó á di 27,000, wọ́n á sì ta apẹ̀rẹ̀ 78. Bó bá sọ ọ́ di 150 − 2P, owó á di 30,000, wọ́n á sì ta 90, tó ju ti ìgbà tí kòkòrò ò tíì dé lọ. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ọ́ pé owó á gòkè gba máàkì rẹ̀. Èyí tó kọ ọ́ pé ọjà tí wọ́n á tà gbọ́dọ̀ dínkù kò tíì gbà á, àyàfi bó bá sọ bí ìlà kọ̀ọ̀kan ṣe sún tó.