Títo bọ́ọ̀dù sákíìtì

Títo bọ́ọ̀dù sákíìtì ni iṣẹ́ sísọ àwòrán sákíìtì di ojú bọ́ọ̀dù gidi. Àwòrán náà ń fi ohun tó so pọ̀ hàn, ṣùgbọ́n kì í fi ìwọ̀n wọn hàn. Nínú KiCad, a máa ń kọ́kọ́ yan ojú ẹsẹ̀ fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ mẹ́ta 7805, fún àpẹẹrẹ, fi mílímítà 2.54 jìnnà síra. Ààlà bọ́ọ̀dù wà lórí `Edge.Cuts`. Ìlà rẹ̀ gbọ́dọ̀ padé yíká, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ àyẹ̀wò `DRC` yóò fi àṣìṣe hàn. Ojú ọ̀nà bàbà tó nípọn tó máíkírómítà 35, tó sì ń gbé ámpù 1, gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó mílímítà 0.3 kí ooru rẹ̀ má baà fi ju dígírì 10 lọ sókè. Ti ámpù 2 nílò nǹkan bíi 0.8, èyí tó ju ìlọ́po méjì lọ.